Bí a ṣe ń kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí fún dókítà tó ń wá rẹ́sídẹ́ńsì ìṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà

Ẹ wo lẹ́tà tí àwọn kọnsọ́ltáǹtì wa sábà máa ń kọ: “Dókítà yìí mọṣẹ́, ó máa ń tètè dé, ó bẹ̀rù Ọlọ́run, ó sì ń bọ̀wọ̀ fún àgbà. Mo fọwọ́ sọ̀yà fún un.” Gbogbo rẹ̀ lè jẹ́ òótọ́ délẹ̀délẹ̀. Ṣùgbọ́n olùdarí ètò rẹ́sídẹ́ńsì tó máa kà á ní Amẹ́ríkà ti ka irú rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò sì rí nǹkan kan dì mú níbẹ̀. Ohun tó ń wá kò ju mẹ́ta lọ. Ṣé dókítà yìí lè ronú jinlẹ̀ nídìí aláìsàn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ díjú? Ṣé ó lè ṣe ìwádìí tó ṣeé gbà gbọ́? Ṣé a lè fi wọ́ọ̀dù sílẹ̀ fún un lóru kí a lọ sùn?

Kọnsọ́ltáǹtì tàbí dókítà àgbà nílé ìwòsàn wa nílé ni mo kọ èyí fún, ẹni tí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń fi ERAS wá àyè. ERAS ni ètò orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ẹgbẹ́ AAMC fi ń gba ìwé àwọn tó ń wá rẹ́sídẹ́ńsì ní Amẹ́ríkà. Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ máa fi kọ lẹ́tà yín, ṣùgbọ́n Yorùbá ni mo fi kọ àwọn àpẹẹrẹ tó wà níbí. Mo fọwọ́ ara mi to dókítà inú àpẹẹrẹ náà jọ ni, kì í ṣe ẹnì kan pàtó. Dókítà A la ó máa pè é.

Ohun tí ẹ nílò kí ẹ tó jókòó

- Ìwé tí wọ́n ń pè ní Letter Request Form. Dókítà náà fúnra rẹ̀ ló máa mú un jáde látinú MyERAS, ìyẹn apá ERAS tí òun fúnra rẹ̀ ń lò, kó sì fi ránṣẹ́ sí yín. Letter ID wà nínú rẹ̀, òun lẹ ó fi gbé lẹ́tà náà wọlé.
- Síífì rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó kọ nípa ara rẹ̀, àti àwọn ìwádìí tó tò sínú MyERAS, gẹ́gẹ́ bó ṣe tò wọ́n gan-an.
- Ohun tó máa rán yín létí: ìwé kọ́ọ̀lù, ìwé àbọ̀ àwọn aláìsàn tó gbé kalẹ̀ níwájú ẹ̀ka, fọ́ọ̀mù tí ẹ fi díwọ̀n iṣẹ́ rẹ̀.
- Ìwé tó ní orúkọ àti àdírẹ́sì ilé ìwòsàn lórí.
- Ìrọ̀lẹ́ méjì tí ẹnikẹ́ni ò ní pè yín.

Ìparí oṣù kẹsàn-án ni àwọn ètò rẹ́sídẹ́ńsì máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé. Dókítà tó bá wá bá yín lóṣù kẹfà tàbí ìkeje, ó mọ ohun tó ń ṣe. Èyí tó bá dé ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ẹ sọ fún un pé bí ẹ bá sáré kọ ọ́, kò ní dára fún òun náà.

Ìpele 1: Ẹ pinnu bóyá ẹ̀yin ló yẹ kó kọ ọ́

Lẹ́tà mẹ́rin péré ni dókítà kan lè fi ránṣẹ́ sí ètò kan nínú ERAS. Bó bá ti lọ ṣe ìrírí nílé ìwòsàn Amẹ́ríkà, méjì tàbí mẹ́ta nínú wọn máa ti ọ̀dọ̀ àwọn dókítà ibẹ̀ wá, ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sì ni àwọn yẹn fi mọ̀ ọ́n. Ohun tí tiyín ní tí tiwọn ò ní ni àsìkò. Ẹ rí i nígbà tí kò tíì mọ nǹkan kan, ẹ sì rí i nígbà tó mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ ni agbára lẹ́tà yín wà, kì í ṣe nínú oyè yín. Ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn tí kò bá dókítà náà dé ìdí ibùsùn rí, ẹlẹ́rìí tí ọ̀ràn kò ṣojú rẹ̀ ni.

Ibi tí a ti ń ṣìṣe jù rèé: “Lọ kọ ọ́ wá, kí n buwọ́ lù ú.” Nílé wa, a kà á sí àánú. Nínú MyERAS, dókítà náà ti sọ bóyá òun yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ òun láti rí lẹ́tà náà, ọ̀pọ̀ ló sì ń yọ̀ǹda rẹ̀, torí àwọn tó ń kà á máa ń fojú pàtàkì wo lẹ́tà tí ẹni tí wọ́n kọ ọ́ fún kò rí. Ẹni tó bá ti yọ̀ǹda rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọ lẹ́tà náà, kò gbọ́dọ̀ kà á, kò sì gbọ́dọ̀ gbé e wọlé fúnra rẹ̀. Ohun tó lè ṣe ni kó fún yín ní ojú ìwé kan tó fi rán yín létí àwọn aláìsàn àti iṣẹ́ tí ẹ jọ ṣe. Ìyókù dọwọ́ yín.

*Bí ẹ ṣe máa mọ̀:* láì ṣí ìwé kankan, ẹ gbìyànjú kí ẹ rántí aláìsàn méjì tí dókítà yìí tọ́jú tó mú yín yí èrò yín padà tàbí kí ẹ ní “ó ṣe é dáadáa.” Bí kò bá sí ọ̀kan tó wá sí yín lọ́kàn, ẹ sọ fún un pẹ̀lú sùúrù pé ẹlòmíràn máa kọ èyí tó dára ju tiyín lọ. Inú rẹ̀ lè má dùn lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ ti gbà á lọ́wọ́ lẹ́tà tútù.

Ìpele 2: Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́

Ẹni tó máa kà á kò mọ ohun tí a ń pè ní háúsìjọ́ọ̀bù. Kò mọ̀ pé ọdún kan ni, pé dókítà náà lọ yípo ẹ̀ka mẹ́rin, pé ó sì ń tọ́jú aláìsàn fúnra rẹ̀. Kò mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni tó wá sìnrú ìlú àti mẹ́díkà ọ́físà. Bí ẹ bá kọ ọ́ sílẹ̀ láìṣàlàyé, ó lè rò pé akẹ́kọ̀ọ́ tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ni.

Ẹ sọ irú ẹni tí ẹ jẹ́, bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n, bó ṣe pẹ́ tó, àti ohun tí wọ́n gbà á láyè láti ṣe:

> “Èmi ni kọnsọ́ltáǹtì tó ń darí wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin, ibùsùn 30, ní ẹ̀ka ìṣègùn ọpọlọ. Dókítà A ṣiṣẹ́ lábẹ́ mi fún oṣù 18 gẹ́gẹ́ bí mẹ́díkà ọ́físà, ìyẹn dókítà tó ti parí ọdún ìkọ́ṣẹ́ tó tẹ̀ lé yunifásítì, tó ti gba ìwé àṣẹ, tó sì ń gba aláìsàn, tó ń kọ oògùn, tó ń jókòó kọ́ọ̀lù. A jọ ń ṣe wọ́ọ̀dù ráúǹdì lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Mo ka ohun tó kọ sínú fáìlì aláìsàn, mo sì jókòó tì í nígbà tó ń fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò.”

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ni mo fẹ́ràn jù níbẹ̀, torí ó fi hàn pé ẹni tó ń kọ̀wé ti fojú ara rẹ̀ rí iṣẹ́ náà. Ẹ má fi ìpínrọ̀ yìí to oyè yín jọ. Ìlà kan ti tó, ìyókù máa wà lábẹ́ ìbuwọ́lù yín.

*Bí ẹ ṣe máa mọ̀:* ẹ fún ẹnì kan tí kì í ṣe dókítà kà, kí ẹ bi í pé, “Kí ni dókítà yìí ń ṣe lójúmọ́?” Bí kò bá lè dáhùn, ẹ tún un kọ.

Ìpele 3: Bó ṣe ń ronú nídìí aláìsàn

Apá yìí ló yẹ kó gba àyè jù nínú lẹ́tà náà. Nínú ìṣègùn ọpọlọ, kò sí fọ́tò àyà tàbí èsì ẹ̀jẹ̀ tó máa sọ fún ni pé “òun nìyí.” Ohun tí dókítà gbọ́, ohun tó rí, àti bó ṣe so wọ́n pọ̀ ni gbogbo iṣẹ́ náà. Nítorí náà, ẹ má kọ ọ́ pé “ó ní làákàyè tó mú.” Ẹ mú aláìsàn kan ṣoṣo, kí ẹ tẹ̀ lé ìrònú dókítà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin:

> “A gba ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Halopẹ́rídọ́ọ̀lù mílígíráàmù 5 lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ la fi bẹ̀rẹ̀, a sì sọ ọ́ di 10 lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kẹfà. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹjọ, kò lè jókòó mọ́. Ó ń rìn lọ rìn bọ̀, ó ń jágbe mọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Wọ́n kọ ọ́ sínú fáìlì pé àìsàn náà ń le sí i, wọ́ọ̀dù ráúǹdì sì ń gbèrò láti tún fi oògùn kún un. Dókítà A ní ká jẹ́ kóun kọ́kọ́ wò ó. Ó fi ọjọ́ tí a fi oògùn kún un wé ọjọ́ tí ìrìn náà bẹ̀rẹ̀, ó rí i pé ọjọ́ méjì péré ló wà láàárín wọn. Ó wá jókòó ti aláìsàn náà, ó bi í bóyá àwọn ohùn yẹn ló ń lé e kiri. Ó ní rárá, àwọn ohùn náà tilẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀. Ẹsẹ̀ òun ni kò jẹ́ kóun gbádùn, àfi tóun bá ń rìn ni ara tó ń tu òun.”

> “Dókítà A sọ fún wa pé akatísíà ni òun fura sí, ìyẹn àìlèjókòó tí oògùn náà fúnra rẹ̀ ń fà, pé bí a bá fi kún un, a máa bu epo síná ni. Kò fi mọ síbẹ̀. Ó yẹ ìwọ̀n ìgbóná ara àti bí iṣan ṣe le sí wò, kó lè dájú pé kì í ṣe ewu mìíràn tí irú oògùn bẹ́ẹ̀ ń mú wá. Ó bi ẹbí léèrè nípa igbó àti ọtí. Ó fi òṣùwọ̀n Barnes díwọ̀n ìrìn náà kó lè ní ohun tó máa fi wé e lẹ́yìn náà. Ó dábàá pé ká dá oògùn padà sí mílígíráàmù 5, ká sì fi propránólọ́ọ̀lù díẹ̀ tì í, lẹ́yìn tó ti béèrè bóyá aláìsàn náà ní ikọ́ fée tó sì ti wọn ìfúnpá rẹ̀. Ó ní bí kò bá sí ìyàtọ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta, a jẹ́ pé èrò òun kò tọ̀nà, ká padà sí ti wọ́ọ̀dù ráúǹdì. Lọ́jọ́ kẹta, aláìsàn náà jókòó jẹun tán. Ìwọ̀n Barnes ti lọ sílẹ̀, ohùn náà kò sì padà le.”

Ẹ kíyè sí ohun tó wà nínú àpẹẹrẹ yìí. Ẹ rí èrò tí gbogbo èèyàn kọ́kọ́ ní, àti ìdí tí kò fi tẹ́ Dókítà A lọ́rùn. Ẹ rí ìbéèrè kan ṣoṣo tó pín èrò méjèèjì níyà: ṣé ohùn ni àbí ẹsẹ̀? Ẹ rí àwọn ohun mìíràn tó lè fa irú rẹ̀, tó sì yẹ̀ wò kó tó sọ̀rọ̀. Ẹ rí ewu tó wà nínú ìtọ́jú tó dábàá, ìyẹn ọ̀rọ̀ ikọ́ fée, torí propránólọ́ọ̀lù lè pa onítọ̀hún lára. Ní tèmi, gbólóhùn tó wúlò jù nínú gbogbo rẹ̀ ni “a jẹ́ pé èrò òun kò tọ̀nà.” Ẹni tó ti mọ ohun tó máa yí èrò òun padà kó tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ni olùdarí ètò ń wá, lẹ́tà tó sì ń sọ ọ́ kò wọ́pọ̀.

Bí ẹ bá ní àyè gbólóhùn kan sí i, ẹ lò ó fún bí dókítà náà ṣe bá ẹbí sọ̀rọ̀. Ká ní ìyá aláìsàn yẹn gbà pé àwọn ayé ló ń lé ọmọ òun kiri. Dókítà A kò bá a jiyàn. Ó ní kí àdúrà máa lọ, kí oògùn náà máa lọ, ó sì fi ìwé ọjọ́ tí a fi oògùn kún un han ìyá. Ìyá náà ló wá ń sọ fún nọ́ọ̀sì bí ìrìn bá tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sọ irú ìtàn yìí di àrà tí ẹ fẹ́ fi dá òyìnbó lára yá. Bí dókítà ṣe sọ ẹbí di alábàáṣiṣẹ́ ni kí ẹ fi hàn.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ìpele yìí sábà máa ń gbà bàjẹ́. Èkíní, a máa ń wá àìsàn tó ṣọ̀wọ́n kí ìtàn lè dùn. Bí ẹ̀yin lẹ dá àìsàn náà mọ̀, tí dókítà náà kàn wà níbẹ̀, òkìkí yín lẹ ń kọ. Àìsàn tí a ń rí lójoojúmọ́, tí ẹnì kan ronú lé dáadáa, dára jù. Èkejì, a máa ń to àmì àìsàn jọ títí, láìsọ ohun tí dókítà náà ṣe sí wọn. Ẹ̀kẹta ló léwu jù: a máa ń sọ ohun tí wọ́n lè fi dá aláìsàn mọ̀. Ẹ yọ orúkọ, ìlú, iṣẹ́ tó ń ṣe, ọjọ́ tó wọlé, àti ohunkóhun tí aládùúgbò rẹ̀ lè kà kó sọ pé “ọmọ ìyá Lágbájá nìyí.” Ẹ má pe aláìsàn ní orúkọ àìsàn rẹ̀. “Ọkùnrin tó ń gbọ́ ohùn” la máa ń kọ.

*Bí ẹ ṣe máa mọ̀:* ẹ yọ orúkọ Dókítà A kúrò nínú ìpínrọ̀ náà, kí ẹ fi ti dókítà mìíràn tí ẹ mọ̀ sí i. Bó bá ṣì bá ẹni yẹn mu, ẹ kò tíì kọ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìka ka àwọn ọ̀rọ̀ ìṣe tó jẹ́ ti dókítà náà: ó béèrè, ó fi wé, ó wọ̀n, ó dábàá. Bó bá jẹ́ “a” ló pọ̀ jù, àwọn tó ń kà á kò ní mọ ẹni tó ronú.

Ìpele 4: Ìwádìí

Ohun tí àwọn ènìyàn máa ń kọ níbí ni àkọlé àwọn iṣẹ́ tó ti jáde. Ìyẹn ti wà nínú síífì, kò sí ìdí láti tún un kọ. Ohun tí síífì kò lè sọ ni iṣẹ́ tí ọwọ́ dókítà náà ṣe gan-an nínú ìwádìí náà, àti bó ṣe hùwà nígbà tí nǹkan kò lọ bó ṣe rò.

> “A lo ìwé ìbéèrè Edinburgh láti wá ìbànújẹ́ ọkàn láàárín àwọn ìyálọ́mọ tó ń wá sí kíníìkì abẹ́rẹ́ àjẹsára. Dókítà A ló kọ ìwé tí a fi gba àṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìwà títọ́ nínú ìwádìí. Ìbéèrè kẹwàá nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ń béèrè bóyá ìyá náà ti ro pé kóun pa ara òun lára. Kí a tó fún ẹnikẹ́ni ní ìwé ìbéèrè, Dókítà A ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìyá tó bá dáhùn ‘bẹ́ẹ̀ ni’ sí i, iye yòówù kí àpapọ̀ máàkì rẹ̀ jẹ́, dókítà gbọ́dọ̀ rí i kó tó kúrò lọ́gbà lọ́jọ́ náà. Ó sì to ìwé kọ́ọ̀lù fún un.”

> “Nígbà tí a tẹ èsì sínú kọ̀ǹpútà, ó ní kí ènìyàn méjì tẹ̀ ẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì fi méjèèjì wéra. Ó rí i pé ní kíníìkì kan, wọ́n ti yí máàkì àwọn ìbéèrè kan síra, ohun tó yẹ kó jẹ́ 3 di 0. Ó padà sí orí bébà, ó tún wọn ṣe, ó sì kọ ohun tó ṣe sínú àbọ̀ náà. Òun ni òǹkọ̀wé kejì. Èmi ni mo ṣe ìṣirò tó gbẹ̀yìn.”

Ẹ wo gbólóhùn tó kẹ́yìn. Ẹ lè rò pé ó dín iyì dókítà náà kù, ṣùgbọ́n òun ló mú ẹni tó ń kà á gba àwọn tó ṣáájú gbọ́. Ọ̀rọ̀ ìbéèrè kẹwàá sì ń ṣe iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà: ó fi hàn pé ó mọ ètò ìwádìí, ó tún fi hàn pé kò gbàgbé pé dókítà lòun.

Àṣìṣe tó ń ba ìwé jẹ́ níbí ni kí lẹ́tà yín àti MyERAS má bára mu. Bí dókítà náà bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n ti fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí jọ́nà, tí ẹ̀yin wá kọ pé jọ́nà ti tẹ̀ ẹ́ jáde, wọn kò ní bi yín léèrè. Òun ni wọ́n máa bi níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Iṣẹ́ tí a fi ránṣẹ́, iṣẹ́ tí wọ́n gbà, iṣẹ́ tó ti jáde, àti èyí tí a gbé sára ògiri níbi àpérò, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Bí kò bá sì ṣe ìwádìí kankan pẹ̀lú yín, ẹ fo ìpele yìí. Ẹ lè kọ̀wé nípa àyẹ̀wò iṣẹ́ wọ́ọ̀dù kan tó ṣe, ṣùgbọ́n ẹ má pè é ní ìwádìí.

*Bí ẹ ṣe máa mọ̀:* ẹ gbé lẹ́tà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó tò sínú MyERAS, kí ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà sábẹ́ àkọlé, ipò rẹ̀ láàárín àwọn òǹkọ̀wé, àti ibi tí iṣẹ́ náà dé. Gbogbo wọn gbọ́dọ̀ rí bákan náà.

Ìpele 5: Ṣé ó ṣeé gbára lé?

“Ó máa ń tètè dé” kò sọ nǹkan kan, torí ẹni tó tètè dé lè wà níbẹ̀ láìṣe nǹkan. Ohun tó yẹ kí ẹ wá ni iṣẹ́ tó ń padà wá lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, tí kò gbé orúkọ ẹni jáde, tí ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ bí a bá pa á tì, àfi lọ́jọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́.

Klósápíìnì fún wa ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Oògùn náà lè mú kí ẹ̀jẹ̀ funfun aláìsàn lọ sílẹ̀ débi tí kò ní lè bá àrùn jà, nítorí náà ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ la ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò ní àwọn oṣù àkọ́kọ́. Ẹ lè kọ ọ́ báyìí: “Dókítà A ló ń tọ́jú ìwé tí a fi ń tẹ̀ lé ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn 11 tó wà lórí klósápíìnì. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ lábù wa da iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ti bá lábù mìíràn sọ̀rọ̀ kí ọjọ́ àyẹ̀wò tó kàn tó pé. Kò sí ẹni tí àyẹ̀wò rẹ̀ fò nínú wọn. Ìgbà tí mo fẹ́ sọ pé ká dá oògùn dúró ni mo tó mọ̀ pé ó ti ṣe é.”

Apá kejì tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé ni pé ẹni tó ṣeé gbára lé mọ ibi tí agbára òun mọ. Bó bá pè yín lóru torí aláìsàn kan tí ìfúnpá rẹ̀ já wálẹ̀ lẹ́yìn abẹ́rẹ́, tó sì ti ní iye ìfúnpá náà, ohun tó ti ṣe, àti ìbéèrè tó fẹ́ bi yín lọ́wọ́ kó tó tẹ fóònù, ẹ kọ ọ́. Àwọn ètò rẹ́sídẹ́ńsì máa ń bẹ̀rù dókítà tí kì í pe ọ̀gá ju èyí tó ń pè é lápọ̀jù lọ.

Ẹ bi màtírọ́ọ̀nù wọ́ọ̀dù léèrè kí ẹ tó kọ apá yìí. Àwọn nọ́ọ̀sì ló mọ ẹni tó máa ń dìde bí wọ́n bá pè é ní aago mẹ́ta òru, àti ẹni tó máa ń ní “mò ń bọ̀” tí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ lè fi ọ̀rọ̀ wọn sínú lẹ́tà, láì dárúkọ wọn. Ẹ má sì fi ẹ̀sìn, ẹ̀yà, ọkọ tàbí aya, oyún tàbí ọmọ ṣe ẹ̀rí pé ẹnì kan ṣeé gbára lé. Lẹ́tà tí a ń kọ fún àwọn obìnrin ni èyí ti wọ́pọ̀ jù: a ó ní inú rere wọn pọ̀, pé wọ́n ń fi ọmọ lọ́wọ́ ṣiṣẹ́, a ó sì gbàgbé láti sọ pé wọ́n mọṣẹ́.

*Bí ẹ ṣe máa mọ̀:* gbólóhùn kọ̀ọ̀kan níbí gbọ́dọ̀ lè dáhùn ìbéèrè yìí: “Kí ni ì bá ṣẹlẹ̀ bí kò bá ṣe é?”

Ìpele 6: Ibi tó wà láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, àti bí ẹ ṣe fọwọ́ sọ̀yà tó

Ẹ fi í wé àwọn ẹlòmíràn, kí ẹ sì sọ iye wọn. “Láàárín mẹ́díkà ọ́físà bí 40 tí mo ti kọ́ ní ọdún mẹ́wàá, ó wà lára àwọn mẹ́ta tó ga jù” ní ìwọ̀n nínú. “Ọ̀kan lára àwọn tó dára jù tí mo tíì rí” kò ní. Bí kò bá sí lára àwọn mẹ́ta náà, ẹ kọ ibi tó wà gan-an, torí orúkọ yín wà lábẹ́ lẹ́tà mìíràn lọ́dún tó ń bọ̀.

Ẹ fi ohun kan tó ní láti ṣiṣẹ́ lé lórí kún un, kó jẹ́ òótọ́, kó sì ti ń sàn. Fún Dókítà A: “Níbẹ̀rẹ̀, àbọ̀ rẹ̀ gùn débi tí èèyàn á wá ohun tó ń sọ tì. Mo ní kó máa fi ìdáhùn ṣáájú, ẹ̀rí lẹ́yìn. Láàárín oṣù mélòó kan, àbọ̀ rẹ̀ ni mo ń fi kọ́ àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀.” Ẹ má lo àbùkù tó jẹ́ ìyìn tó fara pa mọ́, irú bí “ó máa ń ṣiṣẹ́ jù.” Wọ́n ti mọ̀ ọ́n.

Ní ti gbólóhùn ìfọwọ́sọ̀yà, wọ́n ń fi òṣùwọ̀n kà á. Bí ẹ bá kàn kọ “mo dámọ̀ràn rẹ̀,” ẹni tó ń kà á máa rò pé nǹkan kan wà tí ẹ kò sọ. Bí kò bá sí nǹkan kan lọ́kàn yín, ẹ kọ ọ́ pé ẹ dámọ̀ràn rẹ̀ gidigidi, láìfi ohunkóhun pa mọ́. Èyí tó lágbára jù ni kí ẹ sọ pé bí ẹ̀ka yín bá ní àyè, ẹ máa gbà á. Ẹ má kọ ọ́ bí kì í bá ṣe òótọ́.

Gbogbo lẹ́tà náà kò gbọ́dọ̀ kọjá ojú ìwé kan àti ààbọ̀. Bó bá gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìpele 2 ni kí ẹ gé, kì í ṣe ìpele 3.

Ìpele 7: Ìbuwọ́lù àti bí ẹ ṣe máa gbé e wọlé

Ẹ kọ orúkọ dókítà náà bó ṣe wà nínú MyERAS, pẹ̀lú nọ́ńbà AAMC rẹ̀. Ẹ buwọ́ lù ú, ẹ kọ déètì, oyè, ipò, ímeèlì ilé ìwòsàn àti fóònù tó ń ṣiṣẹ́. Ẹ sọ ọ́ di PDF, kí ẹ má fi ọ̀rọ̀ aṣínà tì í. Bí ẹ bá fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀, òjìji ọwọ́ yín máa wà lórí ìwé náà. Ẹ lo ẹ̀rọ sikáànù.

Orí Letter of Recommendation Portal ti AAMC lẹ máa gbé e sí. Ẹ ṣí àkáǹtì níbẹ̀, kí ẹ tẹ Letter ID tó wà lórí Letter Request Form, kí ẹ wò ó bóyá orúkọ tó jáde jẹ́ ti dókítà náà, kí ẹ tó gbé PDF náà wọlé. Ẹni tó ń kọ lẹ́tà fún dókítà méjì lọ́dún kan náà ló ń gbé ti Tàìwò sórí Kẹ́hìndé. Letter ID kan kò ṣeé lò fún lẹ́tà méjì. Bí dókítà náà bá tún ń wá àyè ní ẹ̀ka ìṣègùn mìíràn, ó gbọ́dọ̀ ṣe Letter Request Form mìíràn, kí ẹ̀yin náà sì kọ lẹ́tà mìíràn tí kò dárúkọ ìṣègùn ọpọlọ.

*Bí ẹ ṣe máa mọ̀:* lẹ́yìn ọjọ́ iṣẹ́ mélòó kan, dókítà náà máa rí i nínú MyERAS pé lẹ́tà náà ti dé, láìrí ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí kò bá tíì rí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ padà lọ wo PDF náà. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ sọ́dọ̀ ara yín, torí lẹ́tà ọdún yìí kì í tẹ̀ lé ènìyàn dé ọdún tó ń bọ̀ nínú ERAS. Bí èsì bá jáde lóṣù kẹta tí kò sì rí àyè, ó máa padà wá pẹ̀lú Letter ID tuntun, ẹ ó sì yí déètì padà, kí ẹ fi ohun tó ti ṣe láti ìgbà náà kún un, kí ẹ tó tún un gbé wọlé.